Mítà Mélòó Ló Yẹ Kó Wà Láàárín Páìpù Méjì?

Omi tó ń ba ànàmọ́ òyìnbó jẹ́ lẹ́yìn òjò ńlá kì í sábà jẹ́ èyí tí ojú ń rí. Òkè ilẹ̀ lè ti gbẹ, kí àgbẹ̀ ti máa múra àtiwọ oko, síbẹ̀ kí omi ṣì kún gbogbo àlàfo inú ilẹ̀ títí dé nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20 sí òkè. Gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́, omi sì ti gba àyè afẹ́fẹ́. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Tí o bá gbẹ́ ihò sínú irú oko bẹ́ẹ̀, omi á sun sínú rẹ̀, á ga dé ibì kan, á sì dúró. Ibi tó dúró sí yẹn là ń pè ní ojú omi abẹ́ ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá òjò dúró, ṣùgbọ́n a lè pinnu pé ojú omi yìí kò gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí a bá fẹ́ lọ.

Ìmọ̀ yìí ti jinlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, níbi tí ọ̀pọ̀ oko ti wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Noordoostpolder, fún àpẹẹrẹ, ìsàlẹ̀ omi ló wà títí di 1942 tí wọ́n fa omi orí rẹ̀ tán. Wọ́n pín ọ̀pọ̀ lára rẹ̀ sí oko tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà 800, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 300, ìyẹn hẹ́kítà 24. Abẹ́ irú oko bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ri páìpù sí, ní ìlà-ìlà tí kò pàdé ara wọn. Amọ̀ sísun ni páìpù náà láyé àtijọ́, ike oníhò wẹ́wẹ́ ni lónìí. Omi inú ilẹ̀ á sun wọ inú páìpù, páìpù á sì tú u sínú kòtò ńlá lẹ́bàá oko. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé báwo ni ìlà kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì tó? Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, owó á ṣòfò. Bí wọ́n bá jìnnà jù, irúgbìn á kú sí àárín méjèèjì.

Àárín yẹn gan-an ló yẹ ká máa wò. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ojú omi kì í tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín páìpù méjì. Ó máa ń wú bí ebè iṣu: ó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ó sì ga jù lọ ní agbedeméjì, nítorí omi ibẹ̀ ló ní ọ̀nà tó jìn jù láti rìn. Gíga orí ebè omi yìí sí ipele tí páìpù wà ni a ó máa pè ní h. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju ká wá ìwọ̀n àárín páìpù tí kò ní jẹ́ kí h kọjá ààlà.

Onímọ̀ ilẹ̀ kan ní Groningen, Hooghoudt, ló gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1940, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò títí di òní:

```
L² = (8·K·d·h + 4·K·h²) / q
```

L ni ìwọ̀n àárín páìpù méjì tí à ń wá. K ni bí omi ṣe ń yára gba inú ilẹ̀ náà kọjá, tí a fi mítà lójúmọ́ wọ̀n. q ni iye omi tí páìpù gbọ́dọ̀ kó jáde lóòjọ́. Ó ku d, tí ó níí ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ páìpù, a ó sì padà sórí rẹ̀ láìpẹ́, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Ènìyàn ló ń yan q àti h, kì í ṣe ilẹ̀. Ní Nẹ́dálándì, òdiwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò fún oko ọ̀gbìn ni pé kí páìpù lè kó omi tó nípọn mìlímítà 7 lóòjọ́, kí ojú omi má sì ga ju àádọ́ta sẹ̀ntímítà sí òkè ilẹ̀. Ní ẹnu odò Náílì ní Íjíbítì, níbi tí òjò kò pọ̀ tí iyọ̀ inú ilẹ̀ sì jẹ́ ìyọnu, mìlímítà 1 péré ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń fẹ́ kí ojú omi jìn tó mítà kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe àdàkọ ìwọ̀n oko ẹlòmíràn láìbéèrè òdiwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká mú oko hẹ́kítà 24 bíi ti Noordoostpolder, ká ṣe ìṣirò rẹ̀. A ó ri páìpù sí ìjìnlẹ̀ mítà kan. Bí ojú omi kò bá gbọ́dọ̀ ga ju mítà 0.5 sí òkè ilẹ̀, a jẹ́ pé h náà jẹ́ mítà 0.5. Ohun tó kù ni K, K kò sì ṣeé fojú dá. Oko ni a ti ń wá a.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi irin alábẹ́ tí a ń yí wọ ilẹ̀ gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 8, ní àkókò tí omi wà nílẹ̀. Ká ní omi dúró ní sẹ̀ntímítà 60 sí òkè ilẹ̀, tí ìsàlẹ̀ ihò sì wà ní sẹ̀ntímítà 160: omi inú ihò jìn tó sẹ̀ntímítà 100 nìyẹn. Wọ́n á gbọ́n omi jáde kíákíá títí yóò fi lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 40, wọ́n á sì máa ka bó ṣe ń padà gòkè. A kò gbọ́dọ̀ kà á kọjá ìdá mẹ́rin ohun tí a gbọ́n kúrò, nítorí lẹ́yìn ìyẹn ìṣirò kò ní tọ̀nà mọ́. Nínú ihò tiwa, omi gòkè ní sẹ̀ntímítà 8 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi ìlànà tí Ernst ṣe fún irú ihò bẹ́ẹ̀ ṣírò rẹ̀, K jẹ́ mítà 0.8 lójúmọ́. Ihò kan kò tó ṣá o. Nínú oko kan náà, K ihò kan lè ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, torí ibi tí ekòló ti lu ihò tàbí tí amọ̀ ti ya kò dọ́gba pẹ̀lú ibi tó dì.

Ó ku d. Ká ní ìpele amọ̀ tí omi kò lè gbà kọjá wà ní mítà 4 sí òkè ilẹ̀, ìyẹn mítà 3 lábẹ́ páìpù. Èèyàn á kọ́kọ́ rò pé omi ń rin gbogbo mítà 3 yẹn lọ gbọnrangandan, á fi 3 sípò d, ìṣirò á sì fún un ní mítà 38.5. Irọ́ ni. Nígbà tí omi bá súnmọ́ páìpù, gbogbo rẹ̀ ló ní láti fún ara rẹ̀ wọ ibi kékeré kan, ìfúnpọ̀ yẹn sì ń jẹ agbára omi. Hooghoudt wá fi ìjìnlẹ̀ mìíràn tó kéré sí i rọ́pò ti gidi kí ìfúnpọ̀ náà lè wọ inú ìṣirò, òun ni d. Ó ṣe tábìlì fún un. Ní 1966, Moody kọ ọ́ ní ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe:

```
d = D / (1 + (D/L)·((8/π)·ln(D/r) − 3.4))
```

D ni mítà 3 wa, r sì ni ìdajì fífẹ̀ páìpù, tí a fi sí mítà 0.05. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé a nílò L kí a tó rí d, a sì nílò d kí a tó rí L. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n fojú dá L, kí wọ́n wá d, kí wọ́n fi d náà wá L tuntun, kí wọ́n tún un ṣe títí kò fi ní yí padà mọ́. Láti 38.5, d bọ́ sí 1.94, L sì di 31.6. Lẹ́ẹ̀kejì ó di 30.6, lẹ́yìn náà 30.4, ó sì dúró síbẹ̀. Àárín páìpù méjì jẹ́ mítà 30. Ní oko tiwa, ìlà 27 ni yóò gbà, tí gígùn ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 300: nǹkan bíi kìlómítà 8 páìpù.

Ẹ wo ìdí tí mo fi ní d ń tan èèyàn jẹ. Apá kìíní ìlànà Hooghoudt, 8·K·d·h, ni omi tó ń gba ìsàlẹ̀ páìpù kọjá. Apá kejì, 4·K·h², ni èyí tó ń gba òkè rẹ̀ wọlé. Nínú oko wa, nínú omi 100 tó wọ páìpù, nǹkan bíi 88 ló ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ipele páìpù kó tó yí gòkè wọ inú rẹ̀. Èyí fi hàn pé ilẹ̀ tí ọkọ́ àgbẹ̀ kò dé rí, tí ẹni tó ń ri páìpù pàápàá kò rí, ló ń pinnu jù. Ihò tí a gbẹ́ kò sì kọjá mítà 1.6. Ká ní a tún gbẹ́ òmíràn tó jìn jù ú lọ, tí a sì rí i pé ilẹ̀ abẹ́ páìpù dì, tí K rẹ̀ kò ju 0.2 lọ, tí ti òkè sì ṣì jẹ́ 0.8. Bí a bá fi 0.2 sí apá kìíní nìkan, ìṣirò á já sí mítà 16. Ìlà 50 nìyẹn, kìlómítà 15 páìpù. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ráyè gbẹ́ ihò jíjìn kò tíì ráyè ra páìpù.

Rírì tó jìn díẹ̀ sí i lè ràn wá lọ́wọ́ bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bá dára. Pẹ̀lú K 0.8 jálẹ̀, bí a bá ri páìpù sí mítà 1.2 dípò mítà kan, h di 0.7, àárín páìpù sì fẹ̀ láti mítà 30 sí nǹkan bíi 37. Ṣùgbọ́n kòtò tó ń gba omi lẹ́bàá oko gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á dúró sínú páìpù. Ní ilẹ̀ amọ̀ líle tí K kò tó 0.1 ní òkè nísàlẹ̀, ìlànà yìí á máa bèèrè páìpù ní mítà díẹ̀ síra, owó rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbọ́.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ìṣirò náà jóòótọ́? Ri ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dúró sínú ilẹ̀, ọ̀kan ní agbedeméjì páìpù méjì, èkejì ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 40 sí páìpù, kí o wo omi inú wọn lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Bí omi bá ga nínú méjèèjì, tí páìpù fúnra rẹ̀ sì kún, ẹnu rẹ̀ ló dí tàbí ẹrẹ̀ ló wọ inú rẹ̀. Bí omi bá ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ṣùgbọ́n tí díẹ̀ péré ń ṣàn nínú páìpù, aṣọ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí a fi wé e ló ti dí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìpẹtà pupa tó ń jáde láti inú ilẹ̀. Nínú ọ̀ràn méjèèjì yìí, L kò ní ẹ̀bi, fífọ páìpù ló kàn. Ṣùgbọ́n bí omi bá rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó sì ga ní agbedeméjì, páìpù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò: K tí a lò ti pọ̀ jù. Ohun tó kù láti ṣe ni kí a ri ìlà tuntun sí àárín àwọn ti tẹ́lẹ̀, kí 30 di 15.