Bí Dátábéèsì Bá Kọ̀ Lẹ́yìn Tí Ẹ Yí Ètò Padà

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìkànnì wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìkànnì mi ò ṣiṣẹ́ mọ́." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìwé náà ò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkànnì tí wọ́n fi ń ta aṣọ. Ẹni tó ni ín kúrò ní ètò kékeré bọ́ sí ńlá. Ilé-iṣẹ́ náà gbé ìkànnì lọ sórí sáfà tuntun, wọ́n fi dátábéèsì sílẹ̀ níbi tó wà. Bí sáfà ṣe yí padà ni àdírẹ́ẹ̀sì IP náà yí padà. Bẹ́ẹ̀, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan kọ́ ni MySQL ń yẹ̀ wò: ó tún ń wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹni tó fẹ́ wọlé ti wá. Àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ló mọ̀, ló bá ti tuntun síta.

WordPress kì í sọ èyí fún yín. "Error establishing a database connection" nìkan ló máa gbé jáde. Kí ẹ tó lè rí ìdí rẹ̀, ẹ fi àṣẹ yìí gbìyànjú láti orí sáfà tuntun:

```
mysql -h db.example.com -u ade -p
```

Èsì rẹ̀ nìyí:

```
ERROR 1130 (HY000): Host '203.0.113.58' is not allowed to connect to this MySQL server
```

Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù. 1130 fi hàn pé dátábéèsì ń dáhùn, àmọ́ kò gba àdírẹ́ẹ̀sì yẹn láyè. Ká ní 1045 ni, orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ká ní 2003 ni, a jẹ́ pé ìkànnì ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dátábéèsì rárá.

Ìwé tó dára lè lọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ yí ètò wa padà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ní aago 2:10 ọ̀sán Nàìjíríà, ìyẹn 13:10 UTC. Láti aago 2:25 ni example.com ò ti lè wọ dátábéèsì mọ́. A ò fọwọ́ kan kóòdù tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà. Sáfà àtijọ́ ni 203.0.113.24, tuntun ni 203.0.113.58. Láti orí tuntun la ti rí àṣìṣe 1130, ẹ ó rí i lódindi nísàlẹ̀. Ṣé àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nìkan ni wọ́n ṣì gbà láyè fún orúkọ ade?"

Aago UTC wúlò nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ sáfà fi ń kọ àkọsílẹ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ tó bá ka ìwé yìí yóò lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń fún àdírẹ́ẹ̀sì láyè.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n ṣí dátábéèsì sílẹ̀ fún gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ má gbà; àdírẹ́ẹ̀sì tuntun yẹn nìkan ti tó. Ẹ ṣe àdàkọ àṣìṣe náà lódindi, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé yín láéláé.