Aràn kì í pọ̀ sí i nínú ikùn: ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló ń kó o wá

Bí ẹ bá bá àwọn àgbà jókòó ní Ìlerò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, wọ́n á ní kò sẹ́ni tí kò ní aràn nínú. Aràn tó wà níwọ̀n, wọ́n ní kì í ṣe àrùn; ìgbà tó bá pọ̀ kọjá àyè rẹ̀ ló ń di wàhálà. Mo ti rí àwọn oníṣẹ́ ìlera tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tọ́, nítorí ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn bá ohun tí wọ́n ń rí ní lẹ́ábù mu. Ọmọ tó ní aràn mẹ́ta nínú ìfun lè máa gbá bọ́ọ̀lù kiri láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ọmọ tó ní ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dínkù.

Ìdajì kejì ni àwọn àgbà ti ṣì í. Wọ́n gbà pé inú ikùn ni aràn ti ń bí sí i, pé ṣúgà àti bisikíìtì ló ń mú un gbèrú. Aràn ń yé ẹyin nínú ikùn lóòótọ́, àmọ́ ẹyin náà kò lè di aràn níbẹ̀. Ó ní láti bá ìgbẹ́ jáde, kó dé orí ilẹ̀, kó gbó níbẹ̀ kó tó lè wọ ara èèyàn. Nítorí náà, bí ọgọ́rùn-ún aràn bá wà nínú ọmọ kan, gbogbo wọn ló ti ìta wọlé sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí lápapọ̀.

Aràn kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló burú jù fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Ẹ wo ààtàn ẹ̀yìn ilé lóṣù kẹrin, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀. Ọmọ kan lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí iyanrìn tutù tí oòrùn kò sì ràn dáadáa. Láàrin ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin aràn tó wà nínú ìgbẹ́ náà ti pa. Nígbà tí yóò bá fi tó bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, ọmọ aràn ti dàbí òwú tín-ín-rín tí ojú kò lè rí, ó sì ń dúró de ẹsẹ̀ tó máa kọjá. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló sábà máa ń gbà wọlé. Ibẹ̀ á máa yún ọmọ náà, á ní roro, ìyá rẹ̀ á sì ní omi ẹ̀rọ̀fọ̀ ló jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Láti ẹsẹ̀, aràn náà á bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ á wúkọ́, á gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì, aràn á sì tipa bẹ́ẹ̀ dé ìfun. Níbẹ̀ ni yóò ti dàgbà, kò ní gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Yóò fi ẹnu dì mọ́ ògiri ìfun, yóò máa fa ẹ̀jẹ̀, yóò sì máa da itọ́ kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bó bá kúrò níbi kan lọ síbòmíràn, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Èkejì ni aràn gbọọrọ, èyí tí gbogbo wa mọ̀, tó funfun bíi ekòló tí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Ẹnu ni èyí ń gbà wọlé, láti ara ọwọ́ tó dọ̀tí tàbí ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀. Abo ẹyọ kan lè yé ẹyin tó tó 200,000 lóòjọ́. Kì í mu ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ ọmọ ló ń bá a pín, kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ wù ú jẹ. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n lè so pọ̀ bí ìdìpọ̀ okùn kí wọ́n dí ìfun pa, èyí sì di iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀jẹ̀, ká fi ọmọ ọdún méje kan ṣírò. Ó wọn kílò 20, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó bíi lítà kan àti ààbọ̀. Ká ní aràn amùjẹ̀ ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bíi mílílítà 0.03 lóòjọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílílítà mẹ́ta, ó fi díẹ̀ lé ní ìlàjì ṣíbí tíì. Ó dàbí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ká wò. Lẹ́yìn tí ìfun bá ti fa díẹ̀ padà, irin tó ń sọnù tó bíi mílígíráàmù kan lójúmọ́, iye yìí gan-an sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo irin tó yẹ kó wọ ara ọmọ ọdún méje lọ́jọ́ kan. Oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ láàárọ̀, àmàlà lálẹ́, ẹran bíńtín. Irin inú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara. Kò sí ibi tí yóò ti rí ìlọ́po méjì.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí kì í dé bíi ti ibà, tó lè fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbẹ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dé, á sì mọ́ ọmọ lára. Wọ́n á pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀: ó ti funfun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà funfun. Òmíràn á tilẹ̀ máa jẹ iyẹ̀pẹ̀, ilẹ̀ yẹn sì tún lè gbé ẹyin aràn gbọọrọ wọlé.

Ti pé aràn ń sọ ọmọ di kúkúrú, ó yẹ ká ṣọ́ra. Àwọn ẹgbẹ́ Kọ́kíréènì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí ìṣègùn jọ, sọ ní 2019 pé bí a bá fún gbogbo ọmọ ní oògùn aràn láìyẹ̀ wọ́n wò, ìwọ̀n àti gíga wọn lápapọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ iye tí àwọn àgbà wí ló tún fojú hàn níbẹ̀: ọmọ tí aràn rẹ̀ pọ̀ ló ń jèrè oògùn, àwọn tí tiwọn kéré ló sì ń bo èrè náà mọ́lẹ̀ nínú ìṣirò. Aràn nìkan kọ́ ló ń sọ ọmọ di kúkúrú; ebi, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ iye aràn ni pé a ó ka ẹyin inú ìgbẹ́ díẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù, a ó sì fi 24 ṣe ìlọ́po rẹ̀ láti mọ iye tó wà nínú gíráàmù kan. Bí ẹyin aràn amùjẹ̀ bá tó 2,000, kì í ṣe ti kékeré mọ́. Àmọ́ ẹyin náà ń yọ́ lórí gíláàsì. Bí oníṣẹ́ lẹ́ábù bá jẹun kó tó padà wá wò ó, bóyá wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó lè kọ ọ́ pé kò sí aràn.

Oògùn tó bá a mu ni albẹ́ńdásọ́ọ̀lù mílígíráàmù 400, ẹ̀ẹ̀kan. Ó ń lé aràn amùjẹ̀ tán lára bí ọmọ méje nínú mẹ́wàá. Mẹbẹ́ńdásọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ń tà káàkiri dára fún aràn gbọọrọ, àmọ́ kì í tilẹ̀ lé ti amùjẹ̀ tán lára tó ìlàjì àwọn tó lò ó. Èyíkéyìí tí ọmọ bá lò, oògùn aràn kì í dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ọmọ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun tún nílò oògùn irin fún bí oṣù mẹ́ta, bí nọ́ọ̀sì bá ṣe wọ̀n ọ́n, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ lóògùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún níbi tí aràn bá ti dé ara ọmọ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kó di ẹ̀ẹ̀mejì bó bá dé 50. Wọn kò fi ẹ̀ẹ̀mejì ṣeré, nítorí láàrin oṣù mẹ́fà aràn ti sábà máa ń padà dé ara èyí tó ju ìlàjì àwọn tó kọ́kọ́ ní in.

Ní Òkè-Ògùn, ẹ̀ẹ̀rùn ń ràn wá lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́, iyanrìn gbẹ, ọmọ aràn amùjẹ̀ kò sì lè pẹ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe orí ilẹ̀ ni aràn náà ń gbé la ẹ̀ẹ̀rùn já. Inú ìfun ọmọ ló wà láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nítorí ó lè lo ọdún mélòó kan níbẹ̀. Bí òjò oṣù kẹrin bá wá rọ̀, tí kò sí ṣáláńgá, ọmọ kan náà á tún gba ẹ̀yìn ilé lọ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin nínú rẹ̀, láìwọ bàtà.