Ṣé Irọ́ Tó Gba Ẹ̀mí Là Burú? Ìdáhùn Òfin Àdánidá, àti Ohun Tí Olùdánwò Ń Wá

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn ọmọ ogun Hítílà gba ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ìdílé Tẹn Búùmù, tí wọ́n ń tún aago ṣe nílùú Háálẹ̀mù, ń fi àwọn Júù pa mọ́. Nọ́lì, ọmọbìnrin ìdílé náà tó ti wà nílé ọkọ, gba ọ̀dọ́bìnrin Júù kan sílé. Ìwé ìdánimọ̀ ọmọ náà pé, ìrísí rẹ̀ kò sì lè mú kí ẹnikẹ́ni fura. Lọ́jọ́ kan àwọn agbófinró wọlé, wọ́n bi Nọ́lì bóyá Júù ni. Nọ́lì ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó gbà pé Kristẹni kò gbọdọ̀ purọ́. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ. Àwọn tó ń bá ìjọba Násì jà lábẹ́lẹ̀ padà rí ọ̀nà gba ọ̀dọ́bìnrin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Nọ́lì ń dáhùn, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Kọ́rì, àbúrò rẹ̀, ló ròyìn ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tó gbé jáde ní 1971.

Púpọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé Nọ́lì ìbá ti purọ́. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìwà kan wà tó ti pẹ́ láyé, tó sì ní ìdí pàtàkì tí kò fi gbà bẹ́ẹ̀. Òfin àdánidá ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ ìsìn kí wọ́n tó wọ yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ ọ, títí kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, àwọn tó ń ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì nílé náà sì ń bá a pàdé. Ohun tí mo rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló mọ ìpinnu tí ẹ̀kọ́ náà ṣe, tí wọ́n sì mọ àwọn àtakò rẹ̀ lórí, láìmọ ibi tí àtakò kọ̀ọ̀kan ti bà á. Ibẹ̀ gan-an sì ni máàkì wà.

Tọ́másì Akúínásì, àlùfáà ọmọ Ítálì tó kú ní 1274, ló ṣètò ẹ̀kọ́ náà jù lọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé gbogbo ẹ̀dá ló ní ibi tí ìṣẹ̀dá rẹ̀ ń tẹ̀ sí, àti pé làákàyè ènìyàn lè mọ ohun rere tó yẹ kí òun lépa láti inú ìtẹ̀sí wọ̀nyí. Gbogbo ohun tó wà láàyè ló ń fẹ́ dá ẹ̀mí ara rẹ̀ sí. Ẹranko àti ènìyàn ń bímọ, wọ́n sì ń tọ́ wọn. Ènìyàn nìkan ló ń wá òtítọ́, pàápàá nípa Ọlọ́run, tó sì ń bá ẹlòmíràn gbé nínú àwùjọ tó ní ìlànà. Inú apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ irọ́ bọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni àlàyé rẹ̀ lórí irọ́ ní. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ àmì ohun tó wà lọ́kàn. Iṣẹ́ tí a dá a fún nìyẹn. Èkejì ni pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ti lo ọ̀rọ̀ lòdì sí iṣẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ohun tó bá lòdì sí ìṣẹ̀dá báyìí burú fúnra rẹ̀, láìka ohun rere tó lè ti ibẹ̀ wá sí. Ó fi kún un níbòmíràn pé ènìyàn kò lè gbé pọ̀ bí wọn kò bá lè gba ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́.

Ẹ kíyè sí i pé àlàyé yìí kò sọ pé irọ́ burú nítorí pé ó pa ẹnìkan lára. Irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ṣì burú lójú Akúínásì. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé ìwé tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òfin àdánidá kọ irọ́ torí ìpalára tó ń fà fi ń pàdánù máàkì: ẹ̀kọ́ mìíràn ni onítọ̀hún ń ṣàlàyé.

Ohun méjì mìíràn wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Akúínásì kò sọ pé gbogbo irọ́ wúwo bákan náà. Ó pín wọn sí mẹ́ta: irọ́ àwàdà, irọ́ ìrànlọ́wọ́ àti irọ́ ìkà. Èyí tó ń ṣe ẹlòmíràn ní ibi ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ń pa ọkàn. Méjì yòókù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Nítorí náà, bí Nọ́lì bá ti purọ́, Akúínásì kò ní fi í wé ọ̀daràn. Yóò kàn sọ pé kò yẹ kó ṣe é ni. Èkejì ni pé ó gbà kí ènìyàn fi ọgbọ́n pa òtítọ́ mọ́. Nọ́lì lè dákẹ́, ó lè fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè, ó lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó ní rárá nígbà tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé níwájú Násì, dídákẹ́ lè túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ náà ti ń fún ènìyàn lọ́rùn.

Àtakò àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ Dáfídì Hiúmù, ọmọ Skọ́tílándì, tó sọ ní 1740 pé àwọn ènìyàn máa ń fò láti orí ohun tó wà bọ́ sórí ohun tó yẹ láìsọ bí wọ́n ṣe débẹ̀. Èyí kan ìgbésẹ̀ ẹ̀kẹta. Ká tiẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni láti fi ọkàn hàn, ta ló sọ pé ó di dandan kí n lò ó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń gbèjà Akúínásì ní ìdáhùn: ẹ̀dá tó ní ìlépa kì í ṣe ohun tó kàn wà lásán, láti mọ ohun tí ojú wà fún ni láti mọ ojú tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́. Ìdáhùn yìí lágbára fún ẹni tó bá gbà pé ìṣẹ̀dá ní ìlépa. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀.

Àtakò kejì ba ìgbésẹ̀ kejì, òun ni mo sì rò pé ó le jù. A lè lo ẹ̀yà ara fún ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rìn níbi eré ìdárayá kò ṣe ibi. Bákan náà, a kì í fi ọ̀rọ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn nìkan: à ń fi kí ènìyàn, à ń fi tu ọmọ tó ń sunkún nínú, à ń fi pa àlọ́. Bí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìlòdì sí ẹyọ kan nínú wọn fi burú nígbà gbogbo? Irú ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n ń bi ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà lórí ìfètò sọ́mọ bíbí, torí irú àlàyé kan náà ló wà nídìí méjèèjì.

Àtakò kẹta ni ti apànìyàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìtẹ̀sí tó ní ká dá ẹ̀mí sí àti èyí tó ní ká sọ òtítọ́ forí gbárí. Ó tún le sí i nígbà tí a bá rántí pé Akúínásì gbà kí ènìyàn gbèjà ara rẹ̀, kódà bí ẹni tó kọlù ú bá ti ibẹ̀ kú. Ó wá dà bí ẹni pé a lè ṣe ohun tó pa apànìyàn, ṣùgbọ́n a kò lè purọ́ fún un. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbèjà ara rẹ̀ kò ní ikú ẹni kejì lọ́kàn. Ìgbàlà ara rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń purọ́ ń lo irọ́ náà fúnra rẹ̀ bí ọ̀nà ìgbàlà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè kọ ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ dáadáa, tó sì bi í bóyá ó tó, ti ṣe ju ẹni tó kàn ka orúkọ àwọn onímọ̀ jọ lọ.

Húgò Gúróṣíọ́sì, amòfin ọmọ Nẹ́dálándì, gba ọ̀nà mìíràn ní 1625. Ó ní irọ́ jẹ́ títẹ ẹ̀tọ́ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ lójú. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí òtítọ́ náà kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èrò yìí wọnú ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà tó jáde ní 1992, níbi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti mọ òtítọ́ nínú ìtumọ̀ irọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà tó fìdí múlẹ̀ jáde ní 1997, wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò. Ìyẹn fi hàn pé àríyànjiyàn yìí kò tíì parí láàárín àwọn tó ni ẹ̀kọ́ náà gan-an.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe ń di ìdáhùn ìdánwò? Ọ̀kan nínú àwọn àjọ aṣèdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àròkọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì 40. Mẹ́rìndínlógún ni ti ìmọ̀. 24 ni ti ìgbéléwọ̀n. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni ọmọ ní láti kọ ọ́. Ẹni tó bá fi ìdajì àkókò náà sọ ìtàn ìgbésí ayé Akúínásì ti ná owó rẹ̀ sí ibi tí kò sí ọjà. Kó sọ èrò tirẹ̀ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kó to ìgbésẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́sẹẹsẹ, kó mú àtakò méjì péré, kó sọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bà nínú àwọn ìgbésẹ̀ náà, kó jẹ́ kí Akúínásì fèsì, kó wá dájọ́ lórí èsì náà kó tó lọ sí òmíràn. Ìdájọ́ tó dúró de ìpínrọ̀ ìkẹyìn sábà máa ń pẹ́ jù.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Àlàyé tó dúró lórí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan kò lè gbé ẹrù tí Akúínásì dì lé e, nítorí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹsẹ̀ tó lágbára lábẹ́ ẹ̀kọ́ náà ni gbígbé pọ̀: irọ́ burú, kódà èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí ó ń jẹ ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwùjọ fi dúró. Bí a bá kọ́ ọ sórí ìpìlẹ̀ yìí, a ó rí i pé àwọn tó wá mú ọ̀dọ́bìnrin náà ti fi iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe ya ara wọn kúrò nínú ìgbẹ́kẹ̀lé náà, pé bí wọ́n bá rí irọ́ gbọ́ lẹ́nu Nọ́lì, kò sí àwùjọ tí irọ́ náà tú. Ẹni tó bá fẹ́ ta ko èyí ní láti sọ bí a ó ṣe ṣe é tí olúkúlùkù kò fi ní máa pe ọ̀tá rẹ̀ ní ẹni tí kò yẹ fún òtítọ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì fi í parí àròkọ rẹ̀, tó tún gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ onímọ̀.