Ìdí Iná Ni Kí Ẹ Dojú Rẹ̀ Kọ

Sílíńdà ìpaná pupa tó gba pọ́dà kílò 6, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri ní ilé epo àti báńkì, kì í tú pọ́dà pẹ́. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti tán. Ti inú ọkọ̀, oníkílò kan, kì í sábà tó 10. Nítorí náà, bí a ṣe ń lò ó kò ju ọgbọ́n tí a fi ń dá ìṣẹ́jú àáyá wọ̀nyẹn sí lọ.

Pọ́dà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ náítrójìn tí wọ́n fi agbára kì mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń ti pọ́dà jáde, òun náà sì ni géèjì kékeré tó wà lọ́rùn sílíńdà ń wọ̀n. Bí ọwọ́ géèjì bá wà lórí àwọ̀ ewé, agbára rẹ̀ pé. Bó bá ti ṣubú sórí pupa lọ́wọ́ òsì, ẹ má fi ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ ká wo jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Wọ́n bu epo pẹtiróòlù sí i nígbà tó ṣì gbóná, epo dà sílẹ̀, ó gbiná. Iná náà ga dé ìbàdí, kò sì tíì kan ògiri. Sílíńdà lè ká irú èyí. Bó bá ti ga ju ènìyàn lọ, tàbí tó ti ń wọ òrùlé, ẹ fi sílẹ̀, ẹ sá jáde. Bó ti wù kó rí, kí ẹnì kan ti máa pe páná-páná lórí 112. Ẹni tó fẹ́ pa iná yóò dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí kò sí ohun tó dí ọ̀nà àtisá.

Ẹ kọ́kọ́ fa pínnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ olórùka tí kò jẹ́ kí irin ìdìmú méjèèjì lè pàdé. Okùn ọlọ́rá tín-ín-rín ni wọ́n fi dè é. Ẹ lọ́ pínnì díẹ̀, okùn á já. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń há. Nínú ìpayà, wọ́n á máa fún irin ìdìmú pọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà, irin á sì há pínnì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ gbé sílíńdà kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di ọrùn rẹ̀ mú láìfún irin náà, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa pínnì yọ.

Ẹ wá di ẹnu rọ́bà mú, ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà 2 sí 3, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ìdí iná. Oru tó ń gòkè láti ojú epo ló ń jó, ọwọ́ iná tí à ń rí lókè kò ju àbájáde rẹ̀ lọ. Pọ́dà tí ẹ bá fọ́n sí ọwọ́ iná á kàn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ ọn jù: agbára tó ń ti pọ́dà jáde lè ta epo tó ń jó káàkiri. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a fọ́n ọn sínú páànù òróró tó gbiná. Kí a pa gáàsì, kí a fi ọmọrí dé e ló dára.

Ẹ fún irin òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, pọ́dà á dúró. Kí sílíńdà wà ní òró, nítorí ọ̀pá inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, níbi tí pọ́dà wà. Bí ẹ bá da orí rẹ̀ kodò, náítrójìn nìkan ni yóò máa sá jáde.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò máa gbá a lọ, láti ọ̀tún sí òsì, láti etí iná tó sún mọ́ yín, kí pọ́dà kọjá ẹ̀gbẹ́ iná méjèèjì díẹ̀. Bí iná bá ti ń sún sẹ́yìn, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ìlà iná kankan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti tún ràn.

Lójijì, iná á kú. Ẹ má yí ẹ̀yìn sí i. Pọ́dà ń dá jíjó dúró, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan tutù. Sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ ṣì gbóná, ó sì lè tún mú oru epo gbiná. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò, kí ojú yín wà níbẹ̀, kí ọwọ́ yín sì wà lórí irin ìdìmú.

Bó jẹ́ ìlàjì pọ́dà péré lẹ lò, ẹ má gbé e padà sára ògiri. Pọ́dà díẹ̀ máa ń há sẹ́nu fáàfù, kò sì ní jẹ́ kó dé dáadáa mọ́. Náítrójìn á máa jò díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ géèjì yóò fi wálẹ̀ sórí pupa. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń rọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.