Ohun Tí Ṣáàtì Bítíkọ́ìnì Fi Pa Mọ́

Ẹni tó bá ṣí ṣáàtì bítíkọ́ìnì lórí fóònù rẹ̀, láti ọdún 2011 títí di òpin 2024, yóò rí ìlà kan tó sùn gbalaja sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tó wá ṣàdédé fò sókè. Yóò rò pé kò sí ohun gidi kan tó ṣẹlẹ̀ kí 2017 tó dé. Ojú rẹ̀ ló ń pa irọ́ fún un.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, bítíkọ́ìnì kan gun orí nǹkan bí dọ́là 32. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí dọ́là 2. Ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún dọ́là rà á nígbà tó wà lókè téńté kò ní ju bí dọ́là 62 lọ lọ́wọ́ mọ́. Ká wá gbé àjálù yìí sórí ṣáàtì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo, tí òkè rẹ̀ sì jẹ́ 100,000 dọ́là. Dọ́là 30 tó já yẹn yóò gba àyè 0.03 mìlímítà. Irun orí nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dọ́là ni irú ṣáàtì bẹ́ẹ̀ ń kà, bẹ́ẹ̀ owó tí èèyàn fi sílẹ̀ ni èrè àti àdánù rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ra ọjà ní dọ́là 10 tó tà á ní 20, àti ẹni tó rà á ní 10,000 tó tà á ní 20,000, ọgbọọgba ni wọ́n ṣe: owó kálukú wọn di ìlọ́po méjì. Ṣáàtì lásán yóò fún ti ẹnì kejì ní àyè tó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ.

Òṣùwọ̀n lọ́gì kì í ka dọ́là, ìlọ́po ló ń kà. Láti 1 dé 10, láti 10 dé 100, láti 100 dé 1,000, àyè kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Lórí ṣáàtì sẹ̀ǹtímítà 10 kan náà, tó bá bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 1 dé 100,000, ìlọ́po mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ǹtímítà 2. Ìjábọ́ ọdún 2011 wá gba sẹ̀ǹtímítà 2.4 gbáko. Èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2021 sí 2022, láti nǹkan bí 69,000 sí bí 16,000, gba 1.3 péré, bẹ́ẹ̀ ṣáàtì lásán ti fún un ní 5.3. Ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún owó ló lọ ní 2011. Ìdá 77 ló lọ nígbà kejì.

Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù ni bí eré náà ṣe ń dínkù. Láti téńté 2011 dé ti 2013, tó kọjá dọ́là 1,100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po 36. Láti ibẹ̀ dé bí 19,700 ní 2017, ó jẹ́ bí ìlọ́po 17. Láti 2017 dé 2021, kò ju ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ lọ. Lórí ṣáàtì lásán, fífò tó gbẹ̀yìn yìí ló ga jù, èèyàn á sì máa rò pé ọjà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Lọ́gì fi hàn pé ìlà náà ń tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ṣáàtì lásán wá oníbàárà kò ní sọ ìyẹn.

Nọ́ńbà etí ṣáàtì ni wọ́n fi ń dá méjèèjì mọ̀. Tí wọ́n bá ń lọ báyìí pé 20,000, 40,000, 60,000, lásán ni. Tó bá jẹ́ 10, 100, 1,000, lọ́gì ni. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ṣáàtì ní bọ́tìnnì `Log` tí wọ́n fi ń yí i padà.

Lọ́gì náà ní àléébù tirẹ̀. Kò ní ibi tó lè fi òdo sí, ká má tíì sọ iye tó kéré sí òdo. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ọjà epo rọ̀bì Amẹ́ríkà parí sí −37.63 dọ́là fún àgbá kan, kò sí àyè fún un lórí lọ́gì. Ó sì tún máa ń jẹ́ kí ìjábọ́ ńlá dà bí ohun kékeré: sẹ̀ǹtímítà 1.3 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, owó ilé àwọn kan ló wà níbẹ̀.

Lọ́gì kò sì mọ̀ bóyá owó tí wọ́n fi ń ka iye náà ń jẹrà. Ìwọ̀n iye gbogbo ìpín ìdókòwò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ láti 100 ní 1984, ó sì kọjá 100,000 ní oṣù Kìíní 2024. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nìyẹn, ìgbésẹ̀ ńlá mẹ́ta lórí lọ́gì. Ṣùgbọ́n ní 1984, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní oṣù Kìíní 2024, ó ti ju náírà 800 lọ. Tí wọ́n bá fi dọ́là ka ìwọ̀n náà, láìka èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ pín lọ́dọọdún, kò tíì kúrò ní agbègbè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.