Ta Ló Sọ fún Un Pé Mo Ti Ṣí Lẹ́tà Rẹ̀?

Ọmọkùnrin kan tó ń ta ìwé pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. "Prọ́f, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo rí i pé ẹ ṣí ímeèlì mi láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Èmi ò sì tíì fèsì o!

Mo tẹ *Show original* lórí kọ̀ǹpútà, mo bá irú ìlà yìí:

```
<img src="https://example.com/o.gif?id=4471" width="1" height="1">
```

Àwòrán ni, àmọ́ kò ju ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lọ. Kò sí nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀. Orí sáfà ẹni tó kọ ọ́ ló wà. Bí ẹ bá ṣe ṣí lẹ́tà báyìí, fóònù yín á lọ bù ú wá. Èmi nìkan ni wọ́n fún ní 4471, nítorí náà ẹni tó bá béèrè rẹ̀, èmi ni. Sáfà á kọ aago sílẹ̀, á kọ irú fóònù, àti àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè tọ́ka sí ìlú tí ẹ wà.

Láti 2013 ni Gmail ti ń fi sáfà tirẹ̀ ṣe alárinà, ìyẹn ló bo ìlú àti fóònù mi. Kò bo aago. Ti Apple láti 2021 tún yàtọ̀: ó lè bu àwòrán náà kí ẹ tó ṣí lẹ́tà rárá, kí olówò máa rò pé ẹ ti ṣí i. (Bóyá ẹ kà á, kò sí àwòrán tó lè sọ ìyẹn.)

Mo lọ sí *Settings*, mo yan *Ask before displaying external images*. Lọ́jọ́ Ẹtì ó tún pè: "Prọ́f, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí lẹ́tà kejì." Mo ti kà á tán lánàá.