Kí Ikùn Tó Sọ Ọ́ Fún Ọ̀gá

Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe ìwé owó oṣù. Nígbà tó lóyún, bùbá tó fẹ̀ ló ń wọ̀ ṣáá, fáìlì ló sì fi ń bo ikùn tó bá ń kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa ti mọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ náà ti fura, ṣùgbọ́n ta ni yóò dédé bi obìnrin bóyá ó lóyún? Ọjọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, oyún ti wọ oṣù kẹjọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí dókítà sì ní kó má lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Owó oṣù gbogbo wa pẹ́ lóṣù náà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àárín òun àti ọ̀gá rẹ̀ kò gún mọ́ títí tó fi kúrò níbẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un pé kó má pariwo oyún, kó má sì dárúkọ ọjọ́ tó máa bí fún ẹnikẹ́ni. Èmi kò ní bú ìyá náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún ìkìlọ̀ àgbà, kó sì tún jẹ́ kí ọ̀gá rí ohun tó máa fi ṣètò iṣẹ́. Oṣù la máa sọ fún ọ̀gá, a kò ní sọ ọjọ́. Ọ̀nà tó sì rọrùn jù láti gbà sọ ọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan tó lọ́yàyà, tí ọ̀gá nìkan máa kà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú kan wo bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2025 ni obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ ìkẹyìn. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ti máa ń ka ọ̀sẹ̀ 40. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le: wọ́n á fi ọjọ́ 7 kún un, wọ́n á sì ka oṣù 9 síwájú. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ló bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í sábà bọ́ sí ọjọ́ náà gan-an. Ọmọ tó bá wáyé láti ọ̀sẹ̀ 37 títí dé ọ̀sẹ̀ 42 kò yà kúrò nínú ohun tí à ń retí, ìyẹn láti nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá. Ẹ rí i pé ìmọ̀ràn àgbà àti ìṣírò nọ́ọ̀sì kò tako ara wọn: kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́. Nítorí náà, ẹni tó sọ fún ọ̀gá pé "inú oṣù kẹwàá" kò parọ́, kò sì tú àṣírí kankan.

Ó kan ìsinmi wàyí. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní abala 54, fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní àǹfààní láti dá iṣẹ́ dúró nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ń retí ọmọ, bó bá mú ìwé dókítà wá. Òfin náà kò gbà kí wọ́n fi í síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà léraléra lẹ́nu iṣẹ́ náà kó tó lọ, owó tí wọ́n máa san fún un ní gbogbo àsìkò yìí kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Fún obìnrin tí à ń wí yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án. Bí ọmọ bá wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ni yóò wọlé padà. Èyí ni ìwọ̀n tó kéré jù. Ọ̀sẹ̀ 16 ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Láti ọdún 2014 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba wọn ní oṣù mẹ́fà lórí ìbí méjì àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ aládàáni mìíràn náà ń fúnni jù bí òfin ṣe wí lọ, wọ́n sì ń san owó oṣù pé. Ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ kí ẹ tó kọ oṣù kankan sílẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà lọ? Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dúró kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá, torí inú rẹ̀ ni oyún ti máa ń bàjẹ́ jù. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún dára: ikùn kò tíì sọ̀rọ̀, ọ̀gá sì ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún láti múra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán eegun nílé ìwòsàn, tàbí tó ń gbẹ́rù, tàbí tó ń fa èéfín kẹ́míkà símú, kò gbọdọ̀ dúró. Kí ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó bá ti mọ̀, nítorí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀yà ara ọmọ ń dá.

Ká ní ìparí oṣù kẹrin ni obìnrin wa, tó jẹ́ akọ̀wé owó oṣù, fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin. Báyìí ni mo rò pé ó yẹ kó rí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ní ìròyìn ayọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kó tó dé etí ẹlòmíì. Ọlọ́run ti ṣe é, mà, mo ti lóyún oṣù mẹ́rin. Inú oṣù kẹwàá ni wọ́n ní ká máa retí ọmọ. Bó ṣe wà báyìí, mo ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ìbímọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kí n sì wọlé padà ní ìparí oṣù kọkànlá. Ó lè yẹ̀ síwá tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá yẹ̀, mà á tètè sọ fún yín. Tí wọ́n bá ti fún mi níwèé nílé ìwòsàn, mà á mú un wá. Ní ti iṣẹ́, mo fẹ́ fi owó oṣù kẹjọ kádìí tèmi, kí ẹni tó máa dì í mú sì ti máa jókòó tì mí láti oṣù keje. Tí ẹ bá ráyè lọ́sẹ̀ yìí, mà á fẹ́ wá bá yín sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kó ṣì wà láàárín wa títí mà á fi sọ fún àwọn tó kù fúnra mi. Ẹ ṣeun, mà."

Ẹ wò ó dáadáa. Kò tọrọ àforíjì, nítorí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kò béèrè pé "ṣé ẹ lè yọ̀ǹda mi," nítorí ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin kì í ṣe ojú rere. "Mo ń gbèrò" ló wí, ọ̀rọ̀ yẹn sì ní ọ̀wọ̀ nínú bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ka èébì àti òòyì tó ń kọ lu ọ̀gá létí. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀gá lọ́kàn, ìyẹn ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yìí, ni ó ti dá lóhùn kí ọ̀gá tó bi í. Ọ̀yàyà inú rẹ̀ sì wà nínú gbólóhùn kejì: ọ̀gá mọ̀ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe èèyàn.

Àwọn àṣìṣe tí mo rí jù kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àdììtú: "Mà, ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ le lọ́jọ́ mẹ́ta yìí, ẹ máa fi àdúrà rántí mi." Ọ̀gá á rò pé ibà ni, á ní kó lọ gba oògùn. Ẹ pe oyún ní oyún. Èkejì ni ìlérí tó le jù, bíi "lọ́jọ́ kejìlélógójì gééré, mo ti dé." Ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ bí ọmọ fún lè nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni kí èèyàn ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ 38, kó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ tí òun kò lò ṣáájú ti di ti ẹ̀yìn ìbímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ ni òfin dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bóyá wọ́n máa fi ìyókù kún un, ilé iṣẹ́ ló máa sọ. Ẹ béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú ọ̀gá, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé? Ẹ wo èsì. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá Yorùbá á kọ́kọ́ gbàdúrà: "A dúpẹ́ o. Tibi-tire á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́." Ẹ ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí àdúrà nìkan bá ló wà níbẹ̀, kò tíì sí ètò. Ìgbà tí ọ̀gá bá dárúkọ oṣù kan, tàbí tó dárúkọ ẹni tó máa gba iṣẹ́ dání, ni nǹkan tó dì. Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá láìsí ìyẹn, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì rọ́pò lẹ́tà. Nígbà tí oṣù keje bá ń lọ sópin, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ gidi tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, ẹ sì mú ẹ̀dà náà lọ sílé. Ẹ̀dà yẹn ló máa sọ̀rọ̀ fún yín bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìwé ìdádúró ránṣẹ́ nígbà tí ẹ wà nílé. Òfin kò fàyè gba kí wọ́n lé obìnrin níṣẹ́ nínú àsìkò ìsinmi yìí.

Ẹ̀yin aya wa àti ọmọbìnrin wa, ẹ fi ọjọ́ pa mọ́ bí àgbà ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ oṣù, ẹ sì sọ ọ́ kí ikùn tó bá yín sọ ọ́.